Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti máa tù ẹ́ nínú

"Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ìbàdàn ni mo wà, fóònù ni mò ń tún ṣe. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí Wáńsáàpù láti bí oṣù mẹ́ta. Mo máa ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé mo kúrú, pé owó ò sí, pé mi ò mọ ijó jó, ẹ̀rín á dẹ̀ máa pa á gan-an. Ní báyìí kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́, á kàn ní 'má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ jàre'. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo ní 'kí ni ọmọ tó rẹwà báyìí ń fi ẹni bíi tèmi ṣe', kò fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé kí n yé ṣàwàdà ni?" (Ọmọ Ìbàdàn)

Ọmọ Ìbàdàn, má yé ṣàwàdà o, àwàdà yẹn náà ló jẹ́ kó dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n èyí tó o fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó ò ń ṣe báyìí, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Mú ti ijó yẹn. Ká ní o sọ fún un pé o jó níbi ìgbéyàwó kan, àwọn èèyàn wá ń bi ẹ́ bóyá ìjàlọ ló wọ ẹ́ ní ṣòkòtò. Á rẹ́rìn-ín, á yàbì ẹ, òun náà á sọ ti ẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ, torí ijó ò dùn ẹ́ níbì kankan. Wá wo ti Sọ́ńdè. Kí lo fẹ́ kó sọ? Tó bá rẹ́rìn-ín, ó ti gbà pé o ò tó nǹkan nìyẹn, tí kò bá rẹ́rìn-ín, á ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ẹ́ kó sì máa tù ẹ́ nínú. Ó lè fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tó bá ti di gbogbo ìgbà iṣẹ́ ló ti dà yẹn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé òun ló yàn ẹ́ láti máa bá sọ̀rọ̀ o, ìwọ wá ń sọ fún un pé kò mọ èèyàn yàn.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí ni "má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́" yẹn. Ìgbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọn, ó dájú pé ó máa ń fi ti ẹ̀ kún un. Ọjọ́ tí obìnrin bá ti yé yàbì ẹ padà tó wá ń pàrọwà fún ẹ, ẹ̀fẹ̀ ti parí.

Lọ́dún 1966, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Elliot Aronson, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é, jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ téèpù ẹnì kan tó ń dáhùn ìbéèrè. Nínú téèpù kan ó gba ìdá 92 nínú 100, nínú òmíràn ó gba 30 péré. Nígbà tí ẹni tó gba 92 wá da kọfí sára, wọ́n tún fẹ́ràn ẹ̀ sí i, ẹni tó gba 30 da kọfí tiẹ̀, ńṣe ni ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i tún dín kù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká dẹnu kọ obìnrin ni wọ́n ń wò o, ṣùgbọ́n mo rí ẹ níbẹ̀. Nínú oṣù mẹ́ta yìí, kí lo ti jẹ́ kó mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe? Kúkúrú, àìlówó, àìmọjó, ìyẹn nìkan lo ń kó síwájú ẹ̀. Onígbá ló ń pe igbá ẹ̀ ní páńkàrà kí wọ́n tó fi kólẹ̀. Ti owó yẹn gan-an, tó o bá sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ létí ẹ̀ mọ́, á máa rò ó bóyá ò ń fọgbọ́n tọrọ ni àbí ò ń kìlọ̀ fún un pé kó má retí nǹkan kan.

Ti kúkúrú, bi ara ẹ léèrè: tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣé wàá rẹ́rìn-ín? Tí inú ẹ bá máa bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tó ẹ̀fẹ̀ ṣe, yọ ọ́ kúrò. Tó bá ń dùn ẹ́ gan-an, sọ fún un lẹ́ẹ̀kan láìfi ẹ̀rín bò ó, ìyẹn ò ní lé e. Tó o bá ń wá ẹ̀rín, ṣọ́ọ̀bù ẹ kún fún un, sọ ti oníbàárà tó gbé fóònù tó já sínú ẹ̀fọ́ rírò wá, àti bó o ṣe tú u tó o fọ̀ ọ́ tó sì tàn. Á rẹ́rìn-ín, á dẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ dáa.

Má kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì gígùn nítorí ti Sọ́ńdè o, á tún ní láti tù ẹ́ nínú nítorí ìyẹn náà. Kọ ọ́ báyìí: "Gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo fẹ́ràn ká máa sọ̀rọ̀. Ṣé ọwọ́ ẹ á dilẹ̀ ní Sátidé ká lọ jẹ àmàlà?" Tó bá yìn ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ríra, sọ pé "o ṣé, inú mi dùn", kó o dákẹ́ síbẹ̀, má sọ pé irọ́ ló ń pa. Tó bá wá ní ọwọ́ òun ò dilẹ̀, sọ pé kò burú, kó o bi í léèrè ọjọ́ míì lẹ́ẹ̀kan. Má wá kọ "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé o ò ní gbà" sí i o, jọ̀ọ́.