χ² 41.51 nínú F2: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ àti ohun tó ń sọ

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo da ewéko gíga olódòdó elésè-àlùkò pọ̀ mọ́ kúkúrú olódòdó funfun. Nínú F2 mo ka gíga elésè-àlùkò 106, gíga funfun 16, kúkúrú elésè-àlùkò 13, kúkúrú funfun 25. Mo retí 9:3:3:1, àmọ́ χ² mi jẹ́ 41.51. Ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn? Kí ni kí n kọ?”

Kò bàjẹ́ rárá. Àbá tí ẹ fi wọn iṣẹ́ náà ni kò bá a mu, ìyẹn gan-an sì ni àbájáde yín. Ẹ má fọwọ́ kan iye kankan.

Ẹ kọ́kọ́ kọ iye tí ẹ retí sílẹ̀ kí olùkàwé lè rí i. Ewéko 160 ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà 9:3:3:1 fún wa ní 90, 30, 30 àti 10. Lẹ́yìn náà:

```
χ² = Σ (O − E)² / E
```

O ni iye tí ẹ kà, E ni iye tí ẹ retí. Ẹ wo kúkúrú funfun: 25 ni ẹ kà, 10 ni ẹ retí, 15 ló fi lé. 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, ẹ fi 10 pín in, ó di 22.5. Ìsọ̀rí kan ṣoṣo yìí ló mú ju ìdajì 41.51 wá, ó yẹ kí ìjábọ̀ yín sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù mú 2.84, 6.53 àti 9.63 wá.

Iye ewéko gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ lò, kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, χ² yóò já sí 25.94, bí ẹni pé ewéko 100 péré lẹ gbìn. Ìwọ̀n òmìnira náà jẹ́ 3, nítorí ìsọ̀rí mẹ́rin dín kan ni. Àwọn kan máa ń kọ 159. Àṣìṣe ni, iye ìsọ̀rí ni à ń wò, kì í ṣe iye ewéko. Ààlà fún 3 ní ìpele 0.05 jẹ́ 7.815, tiyín sì ti kọjá a jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹjọ́ mẹ́ta ló wà nínú 9:3:3:1: pé gíga sí kúkúrú jẹ́ 3:1, pé àlùkò sí funfun jẹ́ 3:1, àti pé jíìnì méjèèjì ń pín láìsí èyí tó ń wojú èkejì. χ² kan ṣoṣo kò lè sọ èwo nínú wọn ló wó. Ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíga jẹ́ 122, kúkúrú 38, a retí 120 àti 40: χ² jẹ́ 0.13. Àlùkò jẹ́ 119, funfun 41: χ² jẹ́ 0.03. Ìwọ̀n òmìnira kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, ààlà rẹ̀ jẹ́ 3.841, nítorí náà kò sí wàhálà lára ìkankan. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ló yẹ̀, ǹ bá ní kí ẹ wò ó bóyá irúgbìn kan ń kú kó tó dàgbà, tàbí bóyá ẹ ń ṣi àwọ̀ kà.

Ẹjọ́ kẹta ló wó. Ẹ tún wo ibi tí iye ti pọ̀ jù: gíga elésè-àlùkò àti kúkúrú funfun, bí àwọn òbí ṣe rí gẹ́lẹ́. Àwọn tó jẹ́ àdàlù ló dín kù. Bí jíìnì méjì bá so mọ́ra lórí kromosóòmù kan náà, bó ṣe máa rí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí àwọn òbí jẹ́ sínú ìjábọ̀. Ká ní gíga funfun àti kúkúrú àlùkò ni wọ́n, àwọn àdàlù yìí ni ì bá ju iye tí a retí lọ.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Iye tí a kà yàtọ̀ gidi sí 9:3:3:1, χ²(3, N = 160) = 41.51, p < 0.001. Jíìnì kọ̀ọ̀kan bá 3:1 mu (gíga: χ²(1) = 0.13, p = 0.72; àwọ̀: χ²(1) = 0.03, p = 0.86). Irú àwọn òbí ló pọ̀ jù, èyí sì bá àbá pé jíìnì méjèèjì so mọ́ra mu.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ “bá 3:1 mu”, mi ò kọ “fi hàn pé 3:1 ni”. p tó ga kàn ń sọ pé a kò rí ẹ̀rí tó tako àbá náà ni. Bákan náà, χ² kò sọ bí jíìnì méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Fún ìyẹn, ẹ da F1 pọ̀ mọ́ kúkúrú funfun, kí ẹ sì ka àwọn àdàlù láàárín ọmọ wọn: bí kò bá sí ìsomọ́ra, ìdajì ni wọn yóò jẹ́.