Fídíò èsì ni kí o fi dá a lóhùn, kì í ṣe Duet

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ń ṣe wáàsí lórí TikTok. Obìnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò mi pé òun gbàgbé, òun mu omi nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ṣé ààwẹ̀ òun ti bàjẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ṣé Duet ni kí n fi dáhùn, àbí fídíò èsì?"

Àbúrò mi, fídíò èsì ni. Fídíò ẹlòmíì ni Duet máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, kọ́mẹ́ǹtì lásán sì lobìnrin yìí kọ. Ká tiẹ̀ ní ó ṣe fídíò, ojú rẹ̀ á wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ Duet mọ́ ìfiniṣẹ̀sín. Wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín kí o tó la ẹnu.

Tẹ kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fèsì, wàá rí àmì kámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kọ̀wé sí. Òun ni kí o tẹ̀. Ìbéèrè náà á lẹ̀ mọ́ ojú fídíò rẹ, orúkọ tó ń lò níbẹ̀ á sì hàn. Fà á sókè díẹ̀ lápá òsì, torí àwọn àmì ló wà lápá ọ̀tún, àkọlé rẹ á sì bo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tàbí ti inú yàrá tọkọtaya ni, má fi orúkọ ẹni tó béèrè hàn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fẹnu sọ ìbéèrè náà.

Bí kámẹ́rà bá ti ṣí, ka ìbéèrè rẹ̀ tán, kí o sì dáhùn kíákíá: "Kò sẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn yín, ẹ máa bá ààwẹ̀ yín lọ." Hádíìsì Abu Hurayra tó wà nínú Bukhari àti Muslim ni ẹ̀rí rẹ: ẹni tó bá gbàgbé tó jẹ tàbí tó mu, kó parí ààwẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́hun ló fún un ní jíjẹ àti mímu.

Ibí lọ̀pọ̀ wa ti máa ń pa fídíò, tí ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Màlíkì ni ọ̀pọ̀ ààfáà àgbà nílé wa ń tọ̀, Màlíkì sì ní kó parí ọjọ́ náà, kó tún san án padà lẹ́yìn Ràmàdáánì. Hánáfì, Ṣáfíì àti Háńbálì ní kò sí sísan. Bí o kò bá sọ ọ́, àwọn kan á ní irọ́ lò ń pa, àwọn kan á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wọn padà, obìnrin náà á sì wà láàárín. Mo ti jókòó pa èébú rẹ́ lábẹ́ fídíò bẹ́ẹ̀ títí ó fi dàkókò sààrì. Torí náà, sọ méjèèjì, kí o ní kó tọ ohun tí ààfáà rẹ̀ kọ́ ọ. Bí sísan náà bá kàn án, ọjọ́ kan péré ni.

Bó bá padà wá béèrè sí i, lẹ kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ mọ́ òkè kí èèyàn rí i. Àmọ́ bó bá ní òun lóyún, tàbí oògùn lòun fi omi náà lò, ìyẹn ti kúrò ní ti ìgbàgbé. Kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, kí o ní kó lọ bá dókítà rẹ̀ àti ààfáà tó mọ̀ ọ́n.