Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní káńsù: èwo ni òfin, èwo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì?

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Mo rán àbúrò mi lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ fún mi ní káńsù ìlú bàbá mi. Wọ́n ní mo ti lọ́kọ, pé ìlú ọkọ mi ni kí n ti lọ gbà á, àti pé èmi gan-an gbọ́dọ̀ yọjú. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ṣé òfin ni?"

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ti ọkọ yẹn kì í ṣe òfin rárá. Ti kí ẹ yọjú, àṣà káńsù kọ̀ọ̀kan ni, ó sì ṣeé bá wọn sọ.

Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ ìlú kan níbẹ̀. Kò dárúkọ ọkọ. Ìlànà àjọ tó ń pín ipò ìjọba àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, tá a mọ̀ sí Fẹ́dírà Káráttà, tiẹ̀ sọ pé obìnrin tó ti lọ́kọ ṣì ń jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tó ti wá. Àmọ́ nígbà tí ìlànà yẹn dé orí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òbí àti òbí àgbà, ó fi kún un pé "tàbí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ náà bá gbà." Ta ló máa gbà á, kí sì ni yóò wò kó tó gbà? Kò sọ. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ló ń parí òfin yẹn fúnra rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹ má kàn sọ pé owó ló ń wá o. Òmíràn ń wá a, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ni wọ́n fi ń wọ yunifásítì tí wọ́n sì fi ń gba iṣẹ́ ìjọba ní ìpín ìpínlẹ̀, nítorí náà àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ náà ń wá a. Káńsù ò sì ní ìwé tí orúkọ gbogbo agboolé wà. Bí akọ̀wé bá lé ọmọ onílùú padà, kò sẹ́ni tó máa bi í. Bó bá fọwọ́ sí ti ẹlẹ́tàn, kúẹ́rì lè dé. Ohun tó ń wá ni ìwé tó lè fi sínú fáìlì, tó máa gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Mánṣẹ́sítà bá irú èyí pàdé lápá Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n bi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé agboolé wo ni wọ́n ti wá. Ìbàdàn ló dàgbà sí, orúkọ àdúgbò ló dá. Akọ̀wé ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àbúrò náà padà lọ, ó mú lẹ́tà Baálẹ̀ dání: orúkọ bàbá, orúkọ bàbá àgbà, orúkọ agboolé, òǹtẹ̀, nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ń gbé ìlú náà tẹ̀ lé e. Akọ̀wé kan náà pe Baálẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìwé jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba pé kó yọjú.

Nítorí náà, lẹ́tà Baálẹ̀ tàbí ti olórí ẹbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù yín, fọ́tò, àti lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé ẹ rán àbúrò yín kún un. Kó kọ ìwé ìbéèrè sí akọ̀wé àgbà káńsù dípò kó máa bá ẹni iwájú fa ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tún dárúkọ ọkọ, kó fi pẹ̀lẹ́tù ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí wọn." Ohun tó bá wà nínú ìlànà, wọn á kọ ọ́. Èyí tó jẹ́ èrò akọ̀wé lásán, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń rọ̀. Owó tí wọ́n bá gbà, kó béèrè rìsíìtì.

Bó bá jẹ́ nǹkan ti ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe, bí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìlànà Fẹ́dírà Káráttà lórí obìnrin tó ti lọ́kọ yẹn ò de ìjọba ìpínlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló wà fún. Bó bá sì jẹ́ Èkó ni, ẹ rí i pé orúkọ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú ìwé òfin hàn lórí rẹ̀. Àwọn káńsù ìdàgbàsókè 37 tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀.

Kí àbúrò yín sì yẹ orúkọ wò kó tó kúrò níbẹ̀. Bí orúkọ ọkọ bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín, kí lẹ́tà Baálẹ̀ àti ìwé káńsù dárúkọ ti bàbá yín àti ti ọkọ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ pé ẹlòmíì ló ni ín.