Ibi tí abala iwájú wà nínú ìwé ìpolówó alábala mẹ́ta

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fi àkọlé ilé ìránṣọ wa sí abala àkọ́kọ́ lápá òsì. Nígbà tí a ká bébà, àkọlé bọ́ sínú. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tẹ́ bébà A4 ní ìbú, kí ojú ìta kọjú sí yín. Abala ọ̀tún ni iwájú; ibẹ̀ ni kí àkọlé wà. Àárín ni ẹ̀yìn, ó dára fún àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. Apá òsì ni abala tí a ń ká sínú.

Ẹ fara balẹ̀ sí abala ìkásínú yìí. Bí oníbàárà bá ṣí iwájú, òun ló máa kọ́kọ́ rí lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abala àkọ́kọ́ ti ojú inú. Bí gbólóhùn inú abala àkọ́kọ́ bá já wọ èkejì, abala ìkásínú ni ojú rẹ̀ máa bọ́ sí, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ẹ parí ọ̀rọ̀ abala àkọ́kọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó dá dúró, bí iye owó ìránṣọ, sí abala ìkásínú.

Ẹ dín ìbú abala ìkásínú kù díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa hunjọ níbi ìṣẹ́po. Lójú ìta, láti òsì: mìlímítà 97, 100, 100. Lójú inú ó yí padà: 100, 100, 97.

Bí ẹ bá ń tẹ ojú méjèèjì, ẹ yan `Flip on short edge`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú inú á dorí kodò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, kí ẹ ká a wò.