Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú síláìdì bá ta ko ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, wọ́n fún mi ní fáìlì PowerPoint kan tó ní síláìdì 24, pé kí n sọ ọ́ di ìwé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn máa kà sétí àwùjọ. Ọ̀rọ̀ ojú síláìdì àti èyí tí olùsọ̀rọ̀ kọ sí abẹ́ rẹ̀ jọra lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n níbòmíràn nọ́ńbà wọn ò bára mu. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́ ni kí n máa tẹ̀ lé, torí òun ni olùsọ̀rọ̀ ní lọ́kàn gan-an. Ṣé kí n kàn yọ ti síláìdì dànù?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má yọ nǹkan kan dànù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ló máa ń jàre nígbà gbogbo kò ràn yín lọ́wọ́ rárá, ìmọ̀ràn yìí sì ti dé etí mi débi pé inú ń bí mi sí i. Ibi tó máa ń já sí ni pé òǹkàwé á dúró níwájú èrò, á máa pe nọ́ńbà kan, nígbà tí òmíràn ń hàn gbòò lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ̀ràn náà dà bí òótọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ gùn, gbólóhùn rẹ̀ pé, ó sì dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ti síláìdì ṣókí, ó gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ dún dáadáa létí kò ní kó má ti pẹ́ jù. Ẹ wo bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ojú síláìdì ni gbogbo èèyàn ń wò: ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń ṣírò owó á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe níbẹ̀ á tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ abẹ́ kì í hàn lára ògiri, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló kà á rí. Èyí tó tún burú jù ni pé bí èèyàn bá fi Duplicate Slide ṣe ẹ̀dà síláìdì kan, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ á bá a lọ. Ẹni náà á pààrọ̀ àkọlé, á pààrọ̀ àwòrán, á tẹ nọ́ńbà tuntun, á sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣe ń di ògbólógbòó nìyẹn láìsí ẹni tó fura.

Ẹ má sì tìtorí èyí yí i sí òdìkejì, kí ẹ ní síláìdì ló ń jàre. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àwòrán lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ síláìdì, tí kò sí ẹni tó lè tún nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe mọ́ bí ọjọ́ ìpàdé ṣe ń sún mọ́lé. Olùsọ̀rọ̀ á wá kọ nọ́ńbà tó tọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀, kó lè fẹnu ṣàtúnṣe. Kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ nínú méjèèjì. Ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ta kora ni ẹ máa wá ẹ̀rí sí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ohun tó wà lójú síláìdì keje ni pé: «Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí: 4,200. Ó fi 18% ju ti ọdún tó kọjá lọ.» Abẹ́ rẹ̀ wá ní: «Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí ti tó bíi 4,000. Ó fi 12% ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ẹ wo òpó tó ga jù lọ lápá ọ̀tún.»

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe ni pé wọ́n á mú 4,200 torí pé nọ́ńbà tó ṣe pàtó ni, wọ́n á mú 12% torí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ló sọ ọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ pé «4,200 ti forúkọ sílẹ̀, ó fi 12% ju ti ọdún tó kọjá lọ.» Gbólóhùn yẹn kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde rí. Síláìdì ò sọ ọ́, olùsọ̀rọ̀ náà ò sọ ọ́. Ẹni tó da ọ̀rọ̀ pọ̀ ló bí i. Ó sì léwu ju kéèyàn mú apá tó ti pẹ́ lódindi lọ, torí pé ẹni tó bá fẹ́ wádìí ibi tó ti wá kò ní rí i níbì kankan.

Ìṣirò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wá ti ọdún tó kọjá jáde. Ká ní síláìdì kẹfà sọ pé 3,560 ni. Tí ẹ bá yọ 3,560 kúrò nínú 4,200, ó ku 640. Ẹ fi 3,560 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 18% géérégé. Ẹ wá ṣe ti abẹ́: 4,000, ẹ yọ 3,560, ó ku 440, ìyẹn sì jẹ́ 12% àti díẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Apá kọ̀ọ̀kan bá ara rẹ̀ mu. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n, nọ́ńbà méjèèjì tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan sì jọ ń rìn pọ̀ ni. Yálà kẹ́ ẹ mú apá kan lódindi, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lódindi. Ká ní ìṣirò apá kan kò dọ́gba ni, pé 4,200 àti 12% ló wà lójú síláìdì kan náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìyẹn máa sọ fún yín: ẹnì kan tún nọ́ńbà kan ṣe, ó gbàgbé èkejì.

Èwo ló wá jẹ́ tuntun? Ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí àwòrán ìṣirò náà, kẹ́ ẹ yan Edit Data. Bí kì í bá ṣe àwòrán lásán, tábìlì nọ́ńbà tí wọ́n fi yà á lè ṣí sílẹ̀ fún yín. Bí ti ọdún yìí bá jẹ́ 4,200 níbẹ̀, ẹ̀rí ti pọ̀ sí i fún síláìdì, àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó tún síláìdì ṣe lè ti tún tábìlì náà ṣe pẹ̀lú. Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn lábẹ́ náà: ṣé òpó kankan wà lápá ọ̀tún? Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán tó wà níbẹ̀ báyìí rí roboto, tàbí pé ńṣe ni àwọn òpó rẹ̀ dùbúlẹ̀, a jẹ́ pé àwòrán mìíràn ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún, ti abẹ́ ló sì ti pẹ́. Irú ọ̀rọ̀ tó ń nàka sí nǹkan báyìí, «èyí tó pupa», «bí ẹ ṣe máa rí i lójú síláìdì tó kàn», ni mo máa ń kọ́kọ́ wá kiri, torí pé kì í purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ibì kan wà tó dà bíi pé wọ́n ta kora, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Síláìdì lè sọ pé 3,980, kí ọ̀rọ̀ abẹ́ sọ pé «ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000». Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, etí fẹ́ràn nọ́ńbà tí kò díjú. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni ìgbà tí síláìdì bá sọ pé «Ó ń dín ìrora kù», tí ọ̀rọ̀ abẹ́ sì sọ pé «ó dín ìrora kù lára àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà». Ẹ má ṣe kà á sí àwítúnwí. Ààlà ọ̀rọ̀ náà ni olùsọ̀rọ̀ kọ sísàlẹ̀, bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti sọ ohun tí kò sọ. Èmi ò rí fáìlì yín o, nítorí náà bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá kan oògùn, owó àwọn èèyàn tàbí òfin, ẹ má ṣe dá ìpinnu ṣe lórí èyíkéyìí tó bá ta kora. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kó fọwọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Ti àwítúnwí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni bóyá àwùjọ máa rí síláìdì nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé náà. Bí wọ́n bá máa rí i, ẹ mú ọ̀rọ̀ abẹ́, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí òǹkàwé tún máa ka ohun tí ojú wọn ti kà. Bí ó bá jẹ́ ohùn lásán ni, nǹkan tó wà lójú síláìdì gbọ́dọ̀ wọ inú gbólóhùn, pàápàá àkọlé àti ohun tó wà nínú àwòrán. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ ka iye kókó tó wà lójú síláìdì, kẹ́ ẹ ka iye tí ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣàlàyé. Síláìdì á to ìdí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ abẹ́ á ṣàlàyé mẹ́ta. Ẹni tó bá ti gbà pé «wọ́n jọra» á sọ ìkẹrin nù láìmọ̀.

Bí ẹ bá ń lo PowerPoint lórí Windows, ẹ lọ sí File, Export, Create Handouts, kẹ́ ẹ yan «Notes next to slides». Á gbé tábìlì kan jáde nínú Word, síláìdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òpó kan kún un fún ìwé ọ̀rọ̀ yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí, kí orísun méjèèjì lè wà níwájú yín títí ẹ ó fi parí. Àwòrán síláìdì ló máa wà nínú tábìlì náà, ẹ máa fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fúnra yín. Kò burú bẹ́ẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ojú yín á ti rí ìyàtọ̀.

Ibi tí ẹ̀rí ò bá ti tó, ẹ fi àmì tó hàn ketekete sínú ìwé náà, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ má kàn bi í pé «èwo ló tọ̀nà?», torí pé yóò dáhùn láti orí, orí sì lè gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní síláìdì keje, 4,200 àti 18% ló wà lójú rẹ̀, bíi 4,000 àti 12% ló wà lábẹ́. Ìṣirò méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú 3,560 ti ọdún tó kọjá. Ó jọ pé 4,200 ló tuntun jù, torí òun ló wà nínú tábìlì àwòrán náà. Òun ni mo fi sínú ìwé báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá òun ló bá a mu àti ọjọ́ tí wọ́n kà á.» Kí ó tó fèsì, àmì yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, òǹkàwé náà ò sì gbọ́dọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ yín.