Àtẹ̀jáde ètò ìsanwó orí fóònù: ohun tí akọ̀ròyìn ń wá nínú ẹ̀

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbé ètò ìsanwó tuntun jáde, USSD ni, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí ogójì akọ̀ròyìn, ẹnì kankan nínú wọn ò dáhùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: 'Inú wa dùn gidigidi láti kéde ètò ìsanwó ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà.' Ibo ni mo ti ṣì í?"*

Inú gbólóhùn yẹn náà ni. Pé inú yín dùn kì í ṣe ìròyìn. "Àkọ́kọ́ irú ẹ̀" á mú akọ̀ròyìn rántí *737# ti GTBank, á sì ti máa rò pé ẹ̀ ń parọ́. Àmọ́ "ọ̀fẹ́" ló léwu jù níbẹ̀. Náírà 6.98 ni owó USSD fún ìṣẹ́jú méjì, láti oṣù kẹfà 2025 sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó ìpè oníbàárà fúnra ẹ̀. Bí owó tó ń fi ránṣẹ́ bá tó 10,000, náírà 50 ti ìjọba tún wà ńlẹ̀, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló sì ń san án láti oṣù kìíní 2026. Kí akọ̀ròyìn má rí ìyẹn lọ́wọ́ òǹkàwé kó tó rí i lọ́wọ́ yín.

Bí ilé-iṣẹ́ yín ò bá gba kọ́bọ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ fún wọn báyìí: "Láti ọjọ́ Ajé, oníṣòwò tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì lè gba owó láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi 12,000 náírà ránṣẹ́ sí i máa san 56.98 lé e: 50 ti ìjọba, 6.98 ti USSD. Ilé-iṣẹ́ wa ò gba nǹkan kan." Ìròyìn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn san owó USSD náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn gan-an á wá di àkọlé. Bí ìlò ẹ̀ bá sì máa ń ju ìṣẹ́jú méjì lọ, 6.98 á di ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ gbé aago lé e kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Ìpínrọ̀ kejì, ẹ kọ ẹni tó ni ìwé àṣẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníròyìn ètò owó máa bi yín nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni CBN fún níwèé àṣẹ, ẹ dárúkọ irú èyí tó jẹ́ gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ abẹ́ báńkì kan lẹ wà, ẹ dárúkọ báńkì náà, kẹ́ ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Ẹ má pe ara yín ní báńkì bí ẹ kì í bá ṣe báńkì, òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má sì kàn kọ ọ́ pé "NDIC ló ń dáàbò bo owó yín". Fún ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ owó orí fóònù, owó oníbàárà tó wà nínú báńkì ni NDIC ń dáàbò bò bí báńkì yẹn bá kógbá sílé, kò sì kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kógbá sílé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní ti fífi ránṣẹ́: ogójì èèyàn nínú ímeèlì kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé ìpolówó tí wọ́n há mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Ẹ mú márùn-ún tó ti kọ nípa POS tàbí USSD láìpẹ́, kẹ́ ẹ kọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọlé ímeèlì: "Fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì, láìsanwó fún ilé-iṣẹ́". Ìlà mẹ́fà péré tó, kí àtẹ̀jáde náà wà nísàlẹ̀ nínú ímeèlì fúnra ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn. Fún Aláròyé tàbí rédíò, èdè wa ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ má dúró de ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ owó èlé CBN bá ń jókòó, ojú àwọn oníròyìn ètò owó ò ní sí lára yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde ṣáájú ọjọ́ Ajé, ẹ gba àdéhùn lẹ́nu wọn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Kíkọ ọ́ sínú àkọlé nìkan kò de ẹnikẹ́ni.

Èyí tó máa ń bà á jẹ́ jù ni pé akọ̀ròyìn á tẹ kóòdù náà fúnra ẹ̀. Àtẹ̀jáde sọ pé gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò tíì ṣí i fún yín. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ ìránṣẹ́, ẹ fi káàdì SIM MTN, Airtel, Glo àti T2 (9mobile àtijọ́) gbìyànjú ẹ̀, kí owó gidi kúrò níbì kan kó sì dé ibòmíràn. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kọ sísàlẹ̀, ti ẹni tó máa gbé e láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kó jẹ́. Bọ́jọ́ méjì bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ pè lẹ́ẹ̀kan péré.