Ọwọ́ ni mo fi ń tún orúkọ ṣe lórí ìwé àtijọ́

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa àgbà ti ya láàárín. Mo fi Inpaint, irinṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kun ibi tó bàjẹ́, tún un ṣe. Ojú àwọn èèyàn inú fọ́tò dára gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ wọn ti dàrú, kò ṣe é kà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún. Kí ni mò ń ṣì ṣe?"

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ibi tí lẹ́tà bá pọ̀ sí lórí ìwé náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, kí ẹ gbé irú lẹ́tà kan náà láti ibòmíràn lórí ìwé yẹn, kí ẹ fi ọwọ́ yín lẹ̀ ẹ́. Mo san owó ẹ̀kọ́ yìí kí n tó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò àtijọ́ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá níbí. Màmá kan wá láti Kúdẹtì, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọkọ wọn tó ti dolóògbé wá, ti ọdún 1978. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà n'Íbàdàn á mọ irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀: alága láàárín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká nínú fọ́tò róbótó-róbótó, orúkọ àti àdúgbò kálukú nísàlẹ̀ fọ́tò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ká a pa mọ́ sínú àpótí, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì gba àárín àwọn orúkọ kọjá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ojú ìlà náà, mo tẹ Generate, ó jáde, ó ń dán. Mo wò ó látòkèèrè, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi férémù sí i.

Nígbà tí màmá dé, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka sábẹ́ fọ́tò kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo nìyí?" Popoyemọja ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Popoyernoja" ni ẹ̀rọ kọ. Ó ti sọ m di r àti n, àmì abẹ́ ọ sì ti lọ. Wọ́n sún ìka síwájú, wọ́n tún bá irú rẹ̀ níbi mẹ́ta mìíràn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ orúkọ ọkọ wọn. Mo dá owó wọn padà lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Títí di òní, tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe dákẹ́ tí wọ́n ń wo orúkọ yẹn, ọkàn mi kì í lélẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo jókòó láti mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion kì í kùn lórí píksẹ́lì tí ẹ ń fojú rí. Ó kọ́kọ́ ń fún àwòrán pọ̀: ibi tó jẹ́ píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òòró á di ẹyọ kan ṣoṣo, àwòrán 512 sí 512 á di 64 sí 64. Inú ibi tóóró yẹn ló ti ń ro ohun tó máa kùn, kó tó tú u padà fún yín. Ẹ wá wo lẹ́tà kékeré tí wọ́n sábà máa ń fi tẹ orúkọ, ìwọ̀n póìǹtì 8. Tí ẹ bá sikáànù rẹ̀ ní 300 dpi, gíga o kékeré kò ju bíi píksẹ́lì 16 lọ. Ẹ pín in sí mẹ́jọ: ẹyọ méjì péré ni ẹ̀rọ ní láti fi rántí o láti òkè dé ilẹ̀, àmì abẹ́ rẹ̀ ò sì tó ìlàjì ẹyọ kan. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún láti ọ̀nà jíjìn. Ó mọ̀ pé ìlù ń dún, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.

Ìdí tí ojú èèyàn fi ń dára nìyẹn tí orúkọ ò fi dára. Ojú lè fẹ̀ díẹ̀ sí i, irun ìpéǹpéjú lè sún díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí n bá ní ẹsẹ̀ kan sí i, ó ti di m. Àwọn ẹ̀rọ tó jáde lẹ́yìn èyí ń kọ àkọlé ńlá dáadáa ju ti ìṣáájú lọ, mo ti rí i. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò yín. Ohun tó bá jọ orúkọ ló máa kọ síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Lẹ́tà tí ẹ ò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn rárá náà lè yí padà, nítorí gbogbo àwòrán ni ẹ̀rọ fún pọ̀ tó sì tún tú, ibi tí ẹ kùn nìkan kọ́. Àwọn ètò kan máa ń lẹ ti àtẹ̀yìnwá padà sórí ibi tí ẹ ò kùn, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ gbé sikáàn àkọ́kọ́ lé orí àtúnṣe náà bíi lẹ́yà, kí ẹ yí ọ̀nà ìdàpọ̀ rẹ̀ sí Difference. Ibi tí ohunkóhun ò yí padà á dúdú pátápátá. Tí ẹ bá rí ojú lẹ́tà tó ń tàn fírífírí níbi tí ẹ ò fọwọ́ kàn, ẹ má lo àtúnṣe yẹn.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ tún ìwé náà sikáànù ní 600 dpi, kí ẹ fi pamọ́ bíi TIFF. Ẹ má fi fóònù yà á. Lẹ́tà tí ẹ fẹ́ gbé láti ibòmíràn gbọ́dọ̀ ní etí tó mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ojú ìwé tí kò sí lẹ́tà lórí rẹ̀, àbàwọ́n àti ìlà ibi tí wọ́n ti ká a, ẹ lè fún ẹ̀rọ ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. LaMa, ẹ̀rọ tó ń kun ibi tó bàjẹ́ nínú ètò kan tó ń jẹ́ IOPaint, ni mo máa ń lò fún èyí, nítorí kò nílò káàdì àwòrán olówó ńlá. Láàpútọ́ọ̀pù lásán tó ní Python ń gbé e. Ẹ kọ àṣẹ méjì yìí sínú Terminal:

```
pip3 install iopaint
iopaint start --model=lama --device=cpu --port=8080
```

Ẹ ṣí `http://localhost:8080` nínú bíráúsà, kí ẹ kun ojú ìwé nìkan. Tí ẹ bá ti ń súnmọ́ lẹ́tà, ẹ dúró ní bíi píksẹ́lì mẹ́fà sí i. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá kan ẹsẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀rọ á fa yíǹkì náà gùn wọ inú ìwé bí ìgbà tí omi kán sí i. Ìwé tó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà, Clone Stamp inú Photoshop ni kí ẹ fi nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi Healing Brush ṣe é níbẹ̀, torí ó máa ń po àwọ̀ tó gbé wá mọ́ ti àyíká rẹ̀, yíǹkì tó wà nítòsí á wá di èérí.

Ó wá ku lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Popoyemọja yẹn ṣàlàyé. Ìlà náà ti jẹ y, e àti m. Ìrù y nìkan ló kù àti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ m. Mo wá irú wọn lórí kàlẹ́ńdà kan náà, lára àwọn àdúgbò tí wọ́n fi lẹ́tà kan náà tẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà. Oniyanrin fún mi ní y. Agbeni fún mi ní e. M ni mo wá pẹ́, àfi ìgbà tí mo dé Oke-Arẹmọ, ni mo bá rí "mọ" pọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú àmì abẹ́ ọ. Mo gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá rí lẹ́tà méjì tó ti wà pa pọ̀ báyìí, ẹ má pín wọn, nítorí àlàfo tí òǹtẹ̀wé fi sáàárín wọn wà lára ohun tó ń mú kí ojú gbà á.

Nínú Photoshop, mo fi Rectangular Marquee yí y náà ká, mo tẹ Ctrl+J kó di lẹ́yà tirẹ̀. Mo ṣí Levels fún lẹ́yà yẹn nìkan, mo fa ọ̀pá funfun wọlé títí ìwé ẹ̀yìn lẹ́tà fi di funfun báláú, kó ku yíǹkì nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo yí lẹ́yà sí Multiply. Tí ẹ bá fo Levels yẹn, ìwé tó tẹ̀lé lẹ́tà wá á ṣókùnkùn lórí ìwé tó wà nílẹ̀, ẹ ó sì rí igun mẹ́rin bí ìgbà tí wọ́n lẹ sítáḿpù síbẹ̀. Mo fa ìlà atọ́nà sí ìsàlẹ̀ "Popo", mo fi bọ́tìnì onítọ́ka sún y ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan títí ìrù rẹ̀ fi bo ìrù tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀ géérégé. Ìrù tó ṣẹ́kù yẹn ni ẹlẹ́rìí mi. Bí y tí mo gbé wá bá ga jù tàbí tó fẹ̀ jù ú, kì í ṣe irú rẹ̀, mo máa ń wá òmíràn. Bí ìwé bá wọ́ díẹ̀, mo máa ń yí lẹ́tà ní ìdajì dígírì kó tó jókòó. Tí yíǹkì rẹ̀ bá dúdú ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ọ̀pá àárín nínú Levels ló ń tún un ṣe. GIMP náà ní Levels àti Multiply, ọ̀nà kan náà ni.

Lẹ́tà kan ń gbà mí ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kàlẹ́ńdà yẹn gba ìrọ̀lẹ́ méjì, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀.

Tí ẹ ò bá rí ọ, ẹ gbé o, kí ẹ wá àmì abẹ́ láti ara ẹ tàbí ṣ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, torí àwọn òǹtẹ̀wé kan nígbà náà máa ń fi igi kékeré sísàlẹ̀ dípò ẹyọ àmì róbótó. Èyí tí ìwé yín bá lò ni kí ẹ lò. Ìfọwọ́sí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ẹ má lẹ̀ wọ́n, nítorí kò sí lẹ́tà méjì tó jọra nínú wọn. Nọ́ńbà náà, ẹ ṣọ́ra fún un: 3 tí ìlà bá gba òsì rẹ̀ kọjá lè jẹ́ 8.

Orúkọ kan wà lórí kàlẹ́ńdà yẹn tó ti lọ tán, kò ku ìrù kankan. Màmá ò rántí rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n lọ bá àgbà kan tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ náà ní Ọjẹ́, wọ́n gba orúkọ náà wá fún mi lórí bébà. Ìgbà yẹn ni mo wá lẹ̀ ẹ́, lẹ́tà mẹ́wàá láti orúkọ mẹ́fà. Ká ní wọn ò rí àgbà yẹn bá sọ̀rọ̀, ǹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìwé funfun.